Bí a ṣe ń tọ́ka sí orísun lórí síláìdì láì jẹ́ kí ojú síláìdì kún

Ẹ wo síláìdì kan tó wọ́pọ̀ lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá bá ń gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka Ìlera Àwùjọ. Àkọlé rẹ̀ ni “Ibà ní Nàìjíríà.” Ìlà mẹ́fà ló wà lábẹ́ àkọlé yìí. Iye kan wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, akámọ́ tí wọ́n to orúkọ àjọ mẹ́ta mẹ́rin sí sì ló parí ìlà kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, àdírẹ́sì ìntánẹ́ẹ̀tì gígùn kan nà láti etí òsì dé etí ọ̀tún, ó tún wá ṣẹ́ kọjá sí ìlà kejì. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò rí i kà. Ẹni tó jókòó níwájú rí i kà, ṣùgbọ́n kò mọ èwo nínú iye mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni àdírẹ́sì náà ń sọ nípa rẹ̀. Bí olùkọ́ bá wá béèrè pé, “Níbo lo ti rí iye kẹta yẹn?”, akẹ́kọ̀ọ́ á kẹ̀yìn sí àwùjọ, á máa wá ìdáhùn lára ògiri.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni a gbé lé ìtọ́kasí lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Àkọ́kọ́ ni pé kí olùgbọ́ mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, kíákíá, láì gbé ojú kúrò lára ohun tí à ń sọ. Èkejì ni pé kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìdáhùn lọ́wọ́ bí wọ́n bá bi í. Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ lọ ka ìwé náà fúnra rẹ̀ lè rí i. Síláìdì máa ń kún nígbà tí a bá fi iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kan ṣoṣo. Ẹ pín wọn: orúkọ kúkúrú sójú síláìdì, àlàyé kíkún sínú Notes, àkójọ ìwé sí ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí jẹ́ bí a ṣe ń pín in, a ó sì fi síláìdì ibà yẹn ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ẹ tó ṣí PowerPoint: ẹ mọ ohun tí iye náà kà

Ìtọ́kasí kúkúrú kò lè dúró bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá mọ ohun tó ń tọ́ka sí. Ẹ mú ìwádìí NDHS ọdún 2018, ìyẹn ìwádìí nípa iye èèyàn àti ìlera ní Nàìjíríà, èyí tí Àjọ Ìkànìyàn orílẹ̀-èdè (NPC) ṣe pẹ̀lú iléeṣẹ́ ICF. Nínú rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí oṣù 59 wò. Nígbà tí wọ́n fi maikirosikóòpù wò ó, kòkòrò ibà wà lára 23% àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n lo àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀, tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, ó di 36%. Ìwé kan náà ni, ọdún kan náà, iye méjì. Ìdí rẹ̀ ni pé àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ ń wá èròjà tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà yìí sì lè ṣẹ́kù síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá kọ “23% (NPC & ICF, 2019)” láì fi ohun kan kún un, olùkọ́ tó mọ 36% lè sọ pé irọ́ ni, ẹ̀yin méjèèjì á sì jàre. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń yanjú rẹ̀: “maikirosikóòpù.” Ara àkọlé gíráàfù ni ọ̀rọ̀ yẹn yẹ kí ó wà, kì í ṣe inú akámọ́ ìtọ́kasí.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín ọdún tí wọ́n ṣe ìwádìí àti ọdún tí wọ́n tẹ ìwé jáde. Wọ́n ṣe ìwádìí NDHS yìí ní 2018, ìwé rẹ̀ jáde ní 2019. Ìròyìn ibà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) tẹ̀ ní 2023 ló sọ pé Nàìjíríà ló ní nǹkan bí 27% gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ ibà lágbàáyé, ṣùgbọ́n ti ọdún 2022 ni iye náà. Ọdún tí a tẹ̀wé ló ń wọ inú ìtọ́kasí, ọdún tí a ṣe ìwádìí ló ń wọ inú gbólóhùn tàbí ìsàlẹ̀ gíráàfù. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ yóò kọ “ní ọdún 2023, Nàìjíríà ní 27%,” ìtọ́kasí rẹ̀ á tọ̀nà, gbólóhùn rẹ̀ á sì wọ́.

Síláìdì kan, ọ̀rọ̀ kan

Ẹ padà sí ìlà mẹ́fà wa. Bí iye mẹ́fà bá wà lójú kan, ìtọ́kasí mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kò sí ọgbọ́n lẹ́tà kékeré tó lè gbà á sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé kí ni síláìdì yìí fẹ́ kí àwùjọ gbà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ibà ń dín kù lára àwọn ọmọdé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìdínkù náà ti lọ́ra. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ fi ṣe àkọlé, ní odindi gbólóhùn, dípò “Ibà ní Nàìjíríà.” Iye tó ń gbè é lẹ́yìn kò ju mẹ́rin lọ: 42% ní 2010, 27% ní 2015, 23% ní 2018, 22% ní 2021, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú maikirosikóòpù, gbogbo rẹ̀ lára àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí 59. Ẹ ya gíráàfù onílà kan pẹ̀lú ojú mẹ́rin, kí ẹ kọ iye kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tirẹ̀.

Iye tó kù, bíi ti WHO, yóò lọ sórí síláìdì tirẹ̀ tàbí kí ó jáde pátápátá. Bí ẹ bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni yóò jáde.

Ẹ ṣe àyè kan fún ìtọ́kasí, kí ó máa wà lójú kan náà

Àṣìṣe tó ń gba àkókò jù ni kí èèyàn máa ya àpótí ọ̀rọ̀ tuntun fún ìtọ́kasí lórí síláìdì kọ̀ọ̀kan. Àpótí kan á ga, òmíràn á rẹlẹ̀. Bí ẹ bá ń ti síláìdì sókè, ìtọ́kasí á máa fò kiri bí eṣinṣin, ojú àwùjọ á sì máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe é, nínú Slide Master, ibi tí a ti ń ṣètò àwòṣe gbogbo síláìdì.

1. Ẹ lọ sí `View`, kí ẹ tẹ `Slide Master`. Lápá òsì, ẹ yan `Title and Content`. Kì í ṣe èyí tó tóbi jù lókè pátápátá o: bọ́tìnnì tí a nílò kò ní ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn.

2. Lórí síláìdì 16:9 ti PowerPoint, gíga síláìdì jẹ́ íǹṣì 7.5. Àpótí ńlá tó wà fún ọ̀rọ̀ inú síláìdì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní íǹṣì 2 láti òkè, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 4.76 nínú àwòṣe Office tó ń bá PowerPoint wá. Ẹ tẹ àpótí náà, kí ẹ sì sọ gíga rẹ̀ di 4.2 ní `Shape Format`. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń fi sẹ̀ǹtímítà ka nǹkan, ẹ ṣáà tẹ `4.2"` sínú rẹ̀, yóò yí i padà fúnra rẹ̀.

3. Ẹ padà sí `Slide Master`, `Insert Placeholder`, `Text`. Ẹ fà á sí àyè tó ṣófo: íǹṣì 6.3 láti òkè, gíga 0.4, kí etí òsì rẹ̀ bá etí òsì àpótí ńlá mu. Yóò parí ní 6.7, kò sì ní kan nọ́ńbà síláìdì tó wà nísàlẹ̀.

4. PowerPoint á kó ìpele márùn-ún ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì róbótó. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ẹ yọ àmì náà, kí ẹ kọ “orísun” síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrántí lásán ni ìyẹn. Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀ lórí síláìdì kan, kò ní hàn nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀.

5. Ìwọ̀n lẹ́tà: 14. Àwọ̀: eérú tó dúdú díẹ̀, `595959`, lórí funfun. Ẹ má lo eérú tó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè dára lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí purojẹ́tọ̀ kò bá lágbára tí fèrèsé gbọ̀ngàn sì ṣí sílẹ̀, yóò pòórá.

6. Ẹ tẹ ọ̀tún lórí àpótí náà, `Format Shape`, `Text Options`, `Text Box`, kí ẹ sì yan `Do not Autofit`. Bí ẹ bá fo èyí, nígbà tí ìtọ́kasí bá gùn, PowerPoint á máa fún lẹ́tà náà wẹ́wẹ́ láì sọ fún yín, títí tí yóò fi di 9 tàbí 8.

7. Ẹ tẹ `Close Master View`. Lórí àwọn síláìdì tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀, àpótí tuntun kò ní hàn títí tí ẹ ó fi lọ sí `Home`, `Layout`, tí ẹ ó tún `Title and Content` yàn. Ẹ ṣọ́ra fún `Reset` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: yóò dá ohunkóhun tí ẹ ti sún tàbí tí ẹ ti kùn padà sí bó ṣe wà.

Àwọn kan ń lo `Header & Footer` fún ìtọ́kasí. Kò dára fún iṣẹ́ yìí. Bí ọwọ́ yín bá kan `Apply to All` pẹ́rẹ́, ìtọ́kasí kan náà ni yóò wà lórí gbogbo síláìdì, yóò sì jókòó lé gbogbo èyí tí ẹ ti kọ.

Bí Google Slides lẹ ń lò, ibi tí ẹ ó ti ṣe é ni `View`, `Theme builder`, lẹ́yìn náà `Insert`, `Placeholder`. Ṣùgbọ́n síláìdì Google tuntun kéré ju ti PowerPoint lọ: gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 5.625. Nítorí náà, lẹ́tà 14 ti PowerPoint kò tóbi ju lẹ́tà 10.5 ti Google lọ nígbà tí méjèèjì bá kún ojú pátákó. Ìdí nìyí tí ẹni méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ fi máa ń jiyàn lórí ìwọ̀n lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ wọn kì í fi í bára mu. Ohun tí à ń wò ni bí lẹ́tà ṣe ga tó sí gíga síláìdì.

Ohun tí a ń kọ sínú àpótí náà

Orúkọ àti ọdún, ó tán. Ẹ má kọ “orísun:” ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn síláìdì méjì, àwùjọ ti mọ ohun tí àyè yẹn wà fún. Àkọlé ìwé kò sí níbẹ̀, orúkọ ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kò sí níbẹ̀, àdírẹ́sì ìntánẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè da àdírẹ́sì kọ láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá tí síláìdì fi wà lójú pátákó.

Ní ìlànà APA ẹ̀dà keje, bí òǹkọ̀wé bá ti pé mẹ́ta, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ nìkan là ń kọ, a ó sì fi `et al.` tẹ̀ lé e, láti ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá ti dárúkọ wọn. Gíráàfù wa tó kó ìwé mẹ́rin pọ̀, tí NMEP, ètò ìjọba tó ń gbógun ti ibà, ṣáájú nínú méjì lára wọn, á wá rí báyìí nísàlẹ̀:

```
NPC et al., 2012; NMEP et al., 2016; NPC & ICF, 2019; NMEP et al., 2022
```

Ẹ kà á: lẹ́tà àti àlàfo rẹ̀ kò ju nǹkan bí àádọ́rin lọ. Ní ìwọ̀n 14, ó gba ìlà kan ṣoṣo, ó sì tún ṣẹ́ àyè kù. A tò wọ́n bí ojú gíráàfù ṣe tò, láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹni tó ń wo ojú kejì lè mọ̀ pé orúkọ kejì ló ni ín. Ọdún ìwádìí, 2010, 2015, 2018 àti 2021, wà lára gíráàfù fúnra rẹ̀. Ọdún ìtẹ̀wé ló wà nísàlẹ̀. Bí ojú mẹ́rin bá ti di mẹ́jọ tí ìwé náà sì di mẹ́jọ, ẹ má fún lẹ́tà pọ̀. Ẹ ya gíráàfù náà sí méjì, tàbí kí ẹ fi a, b, d kéékèèké sára ojú kọ̀ọ̀kan, kí àlàyé wọn lọ sínú ìwé tí ẹ ó pín.

Bí ẹ̀ka yín bá ń lo IEEE, tí nọ́ńbà nínú akámọ́ onígun ń dúró fún ìwé, ẹ má fi nọ́ńbà náà nìkan sílẹ̀. Nínú ìwé, òǹkàwé lè ṣí ẹ̀yìn lọ wo ohun tí nọ́ńbà 3 jẹ́. Níwájú síláìdì, kò lè ṣí nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ pọ̀:

```
[3] NPC & ICF, 2019
```

Ohun kan wà tó yẹ kí á sọ nípa gíráàfù. Bí ẹ bá mú iye láti inú ìwé tí ẹ sì ya gíráàfù fúnra yín, orúkọ àti ọdún ti tó, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ lẹ́nu pé ẹ̀yin lẹ yà á. Bí ẹ bá gé gíráàfù ẹlòmíràn láti inú PDF, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwòrán wọn ni, kí ẹ sì fi nọ́ńbà àwòrán náà kún un. Bí ẹ bá gé e tí ẹ tún yọ ìlà kan kúrò tàbí tí ẹ yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹ sọ pé ẹ ti yí i padà. Olùkọ́ tó mọ ìwé náà yóò rí ìlà tó sọnù, yóò sì rò pé ẹ fi pamọ́ ni.

Fọ́tò rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Google” kì í ṣe orísun fọ́tò, gẹ́gẹ́ bí ọjà kì í ti ṣe ẹni tó hun aṣọ. Ẹ tẹ fọ́tò náà títí dé ojú ewé tó ti wá. Bí ó bá ní ìwé àṣẹ CC BY, orúkọ ẹni tó yà á àti ìwé àṣẹ náà gbọ́dọ̀ hàn. Lẹ́tà 12 lábẹ́ etí fọ́tò ti tó fún un. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó yà á, ẹ lo fọ́tò mìíràn.

Notes: ibi tí ìdáhùn ń gbé

Àpótí `Notes` wà lábẹ́ síláìdì, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń rí i bí ẹ bá lo `Presenter View`. Ibẹ̀ ni ohun tí olùkọ́ lè béèrè yẹ kí ó wà. Fún iye 2018, ẹ kọ odindi ìtọ́kasí, bí ìwé náà fúnra rẹ̀ ṣe ní kí a máa kọ ọ́ ní ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀:

```
National Population Commission (NPC) [Nigeria] and ICF. 2019.
Nigeria Demographic and Health Survey 2018.
Abuja, Nigeria, and Rockville, Maryland, USA: NPC and ICF.
```

Lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà àtẹ àti ojú ewé tí ẹ ti mú iye náà kún un. Ìwé yẹn ju ọgọ́rùn-ún ojú ewé lọ dáadáa, “ó wà nínú NDHS” kò sì jẹ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, ìlà kan nípa ohun tó lè fa àríyànjiyàn: “maikirosikóòpù 23%, àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ 36%, ọmọ oṣù 6 sí 59.” Bí wọ́n bá béèrè, ẹ wo Notes, ẹ dáhùn, ẹ tẹ̀ síwájú. Ẹ kò ní kẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Bí ẹ bá sọ fáìlì di PDF lọ́nà tó wọ́pọ̀, Notes kò ní bá a lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn ni wọ́n ní kí ẹ lò, `Presenter View` lè má ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ tẹ Notes náà sórí ìwé, kí ó wà lọ́wọ́ yín: `File`, `Print`, kí ẹ sì yan `Notes Pages`.

Àkójọ ìwé lẹ́yìn

Àkójọ ìwé a máa wà lẹ́yìn síláìdì ìkẹyìn ọ̀rọ̀ yín. Ẹ má kà á sókè, ẹ má sì dúró lórí rẹ̀. Ìwé márùn-ún tàbí mẹ́fà ni síláìdì kan lè gbà ní lẹ́tà 16. Bí wọ́n bá pọ̀ ju méjìlá lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí ẹ pín in fún àwọn olùkọ́ tó jókòó níwájú.

Òfin kan ló ṣe pàtàkì níbí: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àpótí ìtọ́kasí gbọ́dọ̀ hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà nínú àkójọ. Bí síláìdì bá sọ pé NMEP, tí àkójọ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gígùn láì sí NMEP lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń wá a kò ní rí i. Ìwé àwọn ìwádìí yìí fúnra wọn ń kọ ìkékúrú náà sínú akámọ́ lẹ́yìn orúkọ. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí kò sí lórí síláìdì kankan kò gbọdọ̀ wà nínú àkójọ yìí, kódà bó bá wà nínú iṣẹ́ yín tí ẹ kọ sílẹ̀.

Àyẹ̀wò kí ọjọ́ tó pé

Ẹ ṣí síláìdì gíráàfù náà kí ó kún ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wọn gíga ojú rẹ̀, kí ẹ sì sún sẹ́yìn ní ìlọ́po mẹ́jọ gíga yẹn. Fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tó jẹ́ íǹṣì 15.6, ó jẹ́ nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Bí ẹ ṣe rí i níbẹ̀ ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn alábọ́ọ́dé ṣe máa rí i. Bí ẹ kò bá lè ka `NPC & ICF, 2019` láì ṣẹ́jú, ẹ gbé lẹ́tà náà sí 16. Bí ó sì jẹ́ pé ìtọ́kasí lojú yín kọ́kọ́ bọ́ sí kí ó tó kan gíráàfù, ó ti tóbi jù tàbí ó ti dúdú jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìgbéwọlé, ìyẹn `Animations`, bí ẹ bá lò ó. Bí ìlà gíráàfù bá ń wọlé lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ jẹ́ kí ìtọ́kasí wọlé pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ yan `With Previous`. Ìtọ́kasí tó ti wà lójú pátákó kí iye tó dé máa ń mú kí àwùjọ rò pé ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ni ín. Ní ìkẹyìn, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ kan jókòó tì yín, kí ó nàka sí iye èyíkéyìí tó bá wù ú, kí ó béèrè ibi tó ti wá. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Iye tí ẹ kò bá rí ìdáhùn rẹ̀ nínú Notes láàárín àkókò yẹn, ẹ lọ wá ojú ewé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò lórí síláìdì.